Lẹ́tà Ọmọ Nọ́ọ̀sì Tí Mo Gbé Lọ sí Àkúrẹ́

Mi ò mọ iye tí wọ́n ń pe ọdún náà nínú ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún náà ni òjò rọ̀ títí tí kòkó fi dúdú lórí igi, tí àwọn àgbẹ̀ Oǹdó ń já a dànù. Ọdún yẹn náà ni àwọn dókítà daṣẹ́ sílẹ̀, tí aláìsàn á kọ́kọ́ rán ènìyàn wá sí ilé ìwòsàn láti béèrè pé ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé òun wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ mi kẹta lẹ́nu ọmú. Ìyá tìrẹ nìyẹn, ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni kí o máa kọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni. Mo ń gbálẹ̀, mo ń nulẹ̀, mo ń fọ póò tí àwọn aláìsàn fi ń tọ̀. Ẹni tó bá ń nulẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọn kì í rí i. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ bí ẹni pé ìwọ àti mọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ, ọ̀kan náà ni yín. Ṣùgbọ́n ìwọ ń rí wọn.

Ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Wọ́n máa ń rán àwọn ọmọ-ìwé wọn wá sọ́dọ̀ wa ní Oǹdó láti wá fi ọwọ́ kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Pósítìn ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá lọ́dún yẹn, ọmọ Ìjàrẹ́ ni, níbi tí wọ́n bí mi sí. Ìyá rẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo lọ sílé, ó ní ilé tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sí kò lómi, pé kí n jọ̀wọ́ jẹ́ kó máa sùn lọ́dọ̀ mi. Báyìí ló ṣe di pé èmi, ọmọ mẹ́ta, àti ọmọ nọ́ọ̀sì kan ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Ọkọ mi wà lóko láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á jí, á lọ aṣọ funfun rẹ̀ dáadáa lórí àpótí, á sì máa fi ìka ka ìwé kan bó ṣe ń jẹ gaàrí.

Ìwé yẹn ni gbogbo wàhálà náà dá lé lórí, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Olúkúlùkù ọmọ-ìwé gbọ́dọ̀ mú aláìsàn kan, kó máa tọ́jú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù títí tó fi lọ sílé, kó tún bẹ̀ ẹ́ wò nílé, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: oúnjẹ tó jẹ, oògùn tó lò, bí ara rẹ̀ ṣe ń gbóná tó, ohun tí òun nọ́ọ̀sì ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Tí pósítìn bá ti parí, ó gbọ́dọ̀ fi ìwé náà lé olùkọ́ wọn lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́. Ẹni tí kò bá fi sílẹ̀ kò ní jókòó ṣèdánwò. Wọ́n á sọ ọ́ padà sẹ́yìn sáàárín àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọdún kan á sì ti lọ báyẹn. Bàbá ọmọ yìí ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ọdún yìí ni òun máa rán an níwèé mọ, pé tí kò bá yege kó wá jókòó ti òun lóko. Owó kòkó ló ń ná, kòkó sì ti dúdú. Gbogbo wa ló mọ̀ pé kò sí ọdún mìíràn.

Ìyá arúgbó kan tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ọmọ náà mú. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà. Ọmọ náà á kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ yẹn, á máa wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ò dẹ́kun èébú.

“Rọra o! Ṣé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ lo rò pé o dì mú ni?”

“Ẹ má bínú, Màmá. Ó kù díẹ̀.”

“Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀. Láti ìjẹta ló ti kù díẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyẹn, ẹsẹ̀ ń jinná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ibà dá ọmọ náà wólẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rí i tó di ọwọ́ mú etí ibùsùn, tí àwo irinṣẹ́ ń mì lọ́wọ́ rẹ̀, mo ju mọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo gbá a mú. Ó bì sí mi láyà.

Obìnrin tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù wa, Sísítà ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ Oǹdó ni, obìnrin tó sanra, tó ń rìn kíákíá, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbà mí nítorí oyún tó wà nínú mi. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọmọ náà lọ́rùn.

“Ibà ni. Ẹ gbé e lọ sí yàrá aṣọ.”

Yàrá kékeré kan ni, níbi tí a ń kó àwọn aṣọ ibùsùn tó mọ́ sí. A tẹ́ ẹní síbẹ̀. Bí òfin ṣe wí ni pé kí wọ́n kọ ìwé fún ọmọ-ìwé tó bá ṣàìsàn, kó gbé e lọ rí dókítà, kí dókítà fún un ní ìwé ìsinmi, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì lọ sí ilé-ìwé ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà kan péré ló kù tó ń wọlé, àwọn tó fẹ́ kú nìkan ló sì ń wò. Nọ́ọ̀sì kékeré kan béèrè bóyá kí òun kọ ìwé.

Sísítà ní, “Kọ ìwé sí ta ni? Ibà ni mo fẹ́ lọ fi yọ dókítà yẹn lẹ́nu? Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i ni mo ti ń wo ibà.”

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra dírípù ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà lójú títì, òun ló gún un sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì ni dírípù fi wà lára ọmọ náà. Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ sílé mi. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni kò fi lè ṣe iṣẹ́ kankan. Mò ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó ń bì í. Ojú rẹ̀ wọnú. Nígbà tó fi padà sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ti dá ìyá arúgbó padà sílé, ibùsùn rẹ̀ ti gba ẹlòmíràn. Ìdajì ìwé ọmọ náà ṣófo. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré kí pósítìn wọn parí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tó kọ lẹ́tà sí olùkọ́ wọn. Ó kọ ọ́, ó ya á, ó tún un kọ. Nígbà tó parí ó kà á fún mi, ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń kà á. Ó ní òun ṣàìsàn láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ní àìsàn náà kò jẹ́ kí òun tọ́jú aláìsàn òun dé òpin. Ó ní òun ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí òun lè lọ bẹ ìyá náà wò nílé kí òun sì parí ìwé òun. Ó fi ọ̀wọ̀ parí rẹ̀. Lẹ́tà tó dára ni. Irọ́ kan kò sí nínú rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ó dáa báyẹn?”

“Ó dáa. Ìwé dókítà ńkọ́?”

“Kò sí. Sísítà ni kò ní kí n lọ gbà á.”

“Ṣé o ti fi lẹ́tà yìí han Sísítà?”

“Mi ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Wọ́n ti ṣe jù fún mi.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, a ò sì mọ̀. Ọmọ dáadáa ni, ojú ń tì í láti tún lọ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣoore fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ gbogbo wa.

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun èmi fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́. Ìjọba ní kí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ wá fojú hàn ní Alágbàkà, níbi tí ọ́físì ìjọba wà ní Àkúrẹ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó wà láàyè lóòótọ́ nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè wá láti wá fi hàn pé a ò tíì kú. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó fún mi ní lẹ́tà rẹ̀, torí pé kò tíì lágbára láti fara da ọkọ̀, lẹ́tà tó bá sì gba ilé ìfìwéránṣẹ́ lè má dé kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mo fi í sáàárín ìwé ìgbaniṣẹ́ mi. Bẹntiróòlù wọ́n, a dúró ní gáréèjì títí oòrùn fi mú. Nígbà tí mo fi dé Alágbàkà, ìlà ti yí ilé ọ́físì náà po. Mo tò, mo tò títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n tẹ ìka mi sínú yíǹkì, wọ́n ní kí n máa lọ. Mo wà láàyè.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo dé ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Olùkọ́ náà wà ní ọ́físì rẹ̀, obìnrin Ọ̀wọ̀ kan tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó lo awò ojú, ìwé tò sí iwájú rẹ̀ bí búrẹ́dì. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún un àti pé ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ń gbé, mo fún un ní lẹ́tà. Ó kà á. Ó tún un kà. Kò ní kí n jókòó, ṣùgbọ́n kò burú sí mi. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. Gbogbo ènìyàn ló rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ó wá fa dúrọ́ọ̀, ó yọ pépà gbọọrọ kan.

“Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí èyí jẹ́?”

“Rárá, mà. Mi ò mọ̀wé.”

“Wọ́ọ̀dù yín ló fi ránṣẹ́ ní òpin oṣù. Ọjọ́ tí ọmọ-ìwé wá síṣẹ́ àti ọjọ́ tí kò wá ló wà níbẹ̀. Olórí wọ́ọ̀dù ló fọwọ́ sí i.” Ó fi ìka rẹ̀ tẹ ojú kan. “Ọmọ yìí ní òun ṣàìsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọ́ọ̀dù ní kò pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ. Wọ́n máàkì rẹ̀ pé ó wá, lójoojúmọ́. Ta ni nínú wọn ló ń purọ́ fún mi?”

 Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí ọmọ-ìwé bá pa ọjọ́ jẹ púpọ̀, wọ́n lè ní pósítìn rẹ̀ kò pé. Nítorí náà ni Sísítà ṣe máàkì rẹ̀ pé ó wá. Inú rere ni. Ó ṣe é, ó gbàgbé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò rò ó pé ọmọ náà máa kọ lẹ́tà.

“Màmá, ọ̀dọ̀ yín ló ń gbé. Wọ́ọ̀dù yẹn lẹ sì ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ rí i tó ń ṣàìsàn?”

Mo fẹ́ kí o kọ ibí yìí dáadáa. “Bẹ́ẹ̀ ni” ti wà lẹ́nu mi. Ó ti dé eyín mi. Ṣùgbọ́n mo rí Sísítà lójú mi, pẹ̀lú ọdún méjì rẹ̀ tó kù, mo sì rí ara mi, tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Mo ní:

“Mà, iṣẹ́ ilẹ̀ nìkan ni mò ń ṣe o. Mi ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì.”

Ó ká lẹ́tà náà, ó fi í sórí pépà gbọọrọ náà.

“Ó dáa. Ẹ sọ fún un pé mi ò lè fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì lórí lẹ́tà tí ìwé wọ́ọ̀dù ta kò. Kó mú ìwé dókítà wá, tàbí kí olórí wọ́ọ̀dù kọ̀wé sí mi. Kó dé ọwọ́ mi kí a tó ṣíwọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì. Tí kò bá dé, mi ò ní gba ìwé rẹ̀, mo sì máa gbé lẹ́tà yìí lọ síwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ-ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọ irọ́ sílẹ̀. Lórí ohun tí a bá kọ ni wọ́n ń fún aláìsàn lóògùn.”

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sí Oǹdó, mò ń ka ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà lórí, kí n má baà gbàgbé ọ̀kan nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọ náà, kò sunkún lákọ̀ọ́kọ́. Ó kàn jókòó sórí àpótí.

“Wọ́n máàkì mi pé mo wá?”

“Wọ́n máàkì rẹ.”

“Ọjọ́ mọ́kànlá?”

“Gbogbo rẹ̀.”

 Ó wá ní òun máa kọ lẹ́tà mìíràn. Ó ní òun máa kọ ọ́ pé ara òun yá, pé ọ̀lẹ ló ṣe òun, kí wọ́n dárí ji òun. Mo bi í pé nítorí kí ni.

“Tí mo bá dúró lórí tèmi, Sísítà ni wọ́n máa mú, Àǹtí. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra dírípù fún mi.”

“Tí o bá sì kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni ọ́, wọ́n á lé ọ.”

“Mo mọ̀.”

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó gbé ojú sínú aṣọ funfun rẹ̀ tó ti lọ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Ojú tì mí. Ọmọ ogún ọdún fẹ́ gba ẹ̀bi sórí kó lè bo àgbàlagbà, èmi tí mo bí ọmọ mẹ́ta, mo dúró níwájú olùkọ́ rẹ̀ mo ní ilẹ̀ ni mo ń nù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo dúró de Sísítà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó rí ojú mi.

“Kí ló dé? Ṣé ọmọ rẹ ni?”

“Rárá, mà. Ọmọ nọ́ọ̀sì wa ni.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó bínú. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo wọ́ọ̀dù, àwọn aláìsàn gbé orí sókè.

“Ta ló ní kó kọ lẹ́tà? Ẹnu mi ni kò lè wá gbọ́ ni? Mo bò ó láṣọ, ó jáde lọ sójú títì, ó tú u! Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún un pé kó má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ àìsàn, kó kàn ní aláìsàn òun ni wọ́n dá padà sílé láìpé ọjọ́.”

“Ìyẹn náà irọ́ ni, mà,” ni mo wí. Mi ò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

 Ó wò mí bí ẹni pé mọ́ọ̀pù ló sọ̀rọ̀. Ó wá jókòó sórí àga tí àwọn àlejò aláìsàn ń jókòó sí. Ó tú bàtà rẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀.

“Ìwọ, kí lo sọ fún obìnrin yẹn?”

“Mo ní mi ò mọ nǹkan kan.”

“O gbọ́n,” ló wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn. “O gbọ́n ju èmi lọ.”

Inú mi bàjẹ́ ju bí ì bá ti bàjẹ́ ká ní ó bú mi.

Ó jókòó pẹ́ títí. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọjá, wọn ò lè pè é. Nígbà tó dìde, ó ní kí wọ́n pe ọmọ náà wá, ó sì mú un lọ rí dókítà kan ṣoṣo tó wà yẹn. Mo tẹ̀ lé wọn títí dé ẹnu ọ̀nà, mo ń díbọ́n pé mò ń nu fèrèsé. Dókítà wo ojú ọmọ náà, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó tẹ inú rẹ̀.

Sísítà ní, “Dókítà, ẹ bá a kọ ọ́ pé ó ṣàìsàn láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó kọjá.”

Ó mi orí. “Mà, mi ò rí i lọ́jọ́ yẹn. Mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí. Èyí tí mo rí lónìí ni màá kọ: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ kò tíì yá tán, kó sinmi.”

“Ẹ kọ ìyẹn náà.”

Ó kọ ọ́. A padà sí wọ́ọ̀dù. Sísítà ṣí búkù ńlá tí wọ́n fi ń máàkì ẹni tó wá síṣẹ́, ó mú báírò pupa. Ó fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ọjọ́ àkọ́kọ́, kò pa á rẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó kọ ọjọ́ òní sí i. Ó ṣe ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i. Ọmọ náà dúró tì í, ó ń sunkún.

“Mà, ẹ má ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Ìgbà tó yẹ kí o sọ̀rọ̀, o ò sọ.” Ó gbé orí sókè sí mi. “Ìwọ náà, ọ̀la ni mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Wá ẹni tó máa dúró fún ọ. O máa bá mi lọ sí Àkúrẹ́. Ìwọ lo gbé e lọ sílé, ìwọ lo rí i.”

Báyìí la ṣe tún lọ. Wọ́n fún wa pọ̀ sínú ọkọ̀, Sísítà jókòó sí àyè èrò kan àti ààbọ̀, ó gbé búkù wọ́ọ̀dù lé itan. Nígbà tí a dé ọ́físì yẹn, olùkọ́ náà gbé orí sókè, ó sì dìde dúró pátápátá.

“Ẹ̀yin ni, mà?”

“Èmi ni.”

Àṣé ọdún tí olùkọ́ yìí fi jẹ́ ọmọ-ìwé, abẹ́ Sísítà ló ti ṣe pósítìn ní Oǹdó. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fún Sísítà ní àga tirẹ̀, Sísítà kò jókòó. Ó tẹ́ búkù wọ́ọ̀dù sórí tábìlì, ó fi lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ lé e lórí, àti ìwé dókítà.

“Ọmọ náà kò purọ́. Èmi ni mo máàkì rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní pósítìn rẹ̀ kò pé.”

“Mà.” Olùkọ́ náà bọ́ awò ojú rẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ fi rúlà lu ìka mi nítorí pé mo kọ ìgbóná ara aláìsàn tí mi ò wọ̀n.”

“Mo mọ̀. Mo rántí ìka náà.”

Àwọn méjèèjì ò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà.

“Mà, irọ́ ni mo pa fún yín ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ara mi ló bì sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi sùn lórí ẹní mi lẹ́yìn dírípù. Mo rí gbogbo rẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́?”

“Ẹ̀rù bà mí.”

Ó mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ọ rí. Ó ní kì í ṣe òun nìkan ló ní àṣẹ, ó kó ìwé náà, ó lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Sísítà ra ẹ̀pà, kò jẹ ẹ́, ó ń bó o ó ń kó o sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí olùkọ́ náà padà, ó sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ọmọ náà gba ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ mọ́kànlá tó pa jẹ, yóò wá ṣe é ní wọ́ọ̀dù nígbà ìsinmi wọn, láìyọ ọjọ́ kan. Wọn kò ní gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Sísítà, ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn wa, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì.

“Mi ò lè dá a dúró, mà. Ká ní mo lè ṣe é ni.”

“Tí o bá dá a dúró, màá tún lù ọ́ ní rúlà,” ni Sísítà wí. Ó gbé búkù rẹ̀ há abíyá. Ó ní ká máa lọ kí ọkọ̀ má baà tán.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí kúérì fi dé bá Sísítà. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tó fi kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìjọba. Ó ṣàlàyé. Wọ́n gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń ti ilé wá. Ibẹ̀ ló wà títí ọdún méjì rẹ̀ fi pé. Ẹlòmíràn di olórí wọ́ọ̀dù, èyí tí kì í kí mi. Mo máa ń yà lọ kí Sísítà níbi abẹ́rẹ́ ní ọ̀sán. Kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ rí. Á kàn ní, “Ẹsẹ̀ ń dùn mí,” á sì ti ìjókòó kan sí mi.

Ọmọ náà wá ilé ìyá arúgbó rí ní Oǹdó, ìyá náà tún bú u pé níbo ló wọ̀ lọ. Ó kọ ìwé rẹ̀ tán, ó fi sílẹ̀ nígbà tó yẹ. Ó jókòó ṣèdánwò, ó yege. Ó wá san ọjọ́ mọ́kànlá rẹ̀ nígbà ìsinmi, ó sì ń rù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ó máa ń lọ ran Sísítà lọ́wọ́ láti se abẹ́rẹ́ kó tó padà sílé mi. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ mi dàgbà tó, ìyá rẹ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń lọ síléèwé, tí àkọ́bí sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbì kan ní Àkúrẹ́, mo pè wọ́n jókòó lọ́jọ́ kan. Mo ní tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ìfẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ wà níbi tí ẹ ò sí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má kọ ọ́, kódà bí ó bá jẹ́ èmi ni. Mo ní tí wọ́n bá sì bi yín ní ohun tí ẹ rí, ẹ sọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá béèrè. Èmi kò sọ ọ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó lè jẹ́ pé wọn ì bá ṣì gba wọ́ọ̀dù lọ́wọ́ obìnrin yẹn, mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kì bá tí sunkún sínú aṣọ tó ti lọ̀, obìnrin náà kì bá sì tí gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún wọ ọkọ̀ lọ sọ ohun tó yẹ kí èmi ti sọ.

Ìyá rẹ bi mí pé, “Tí wọ́n bá tún bi yín lónìí ńkọ́, Màmá?”

Mo ní màá sọ ọ́. Mo ní ẹ̀rù á ṣì bà mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.